Ìlà Kẹfà Nínú Àdéhùn Ìkọ́ṣẹ́

Àbúrò mi ọkùnrin ló ni ilé iṣẹ́, èmi ni mo ni ẹnu. Bí wọ́n ṣe máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ níbi iṣẹ́ nìyẹn, mi ò sì bá wọn jà sí i, torí òótọ́ ni. Òun ló mọ̀ nípa ẹ̀rọ, èmi ni mò ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́: ìgbanisíṣẹ́, ìsinmi, ìjà, ìwé àdéhùn. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀ là ń tún ṣe káàkiri ọsibítù. Kì í ṣe iṣẹ́ à-ń-fọwọ́-yẹpẹrẹ-mú. Bí omi tó ń wọnú ẹ̀rọ náà ò bá mọ́ tó, tàbí bí agogo tó yẹ kó ké nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jò bá dákẹ́, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ló máa jẹ ìyà ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń rán òṣìṣẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà, lókè òkun. Owó ńlá ni. Owó ilé ẹ̀kọ́, owó ọkọ̀ òfuurufú, owó ibi tí wọ́n máa sùn, orí wa ni gbogbo ẹ̀ wà. Ọkùnrin méjì la kọ́kọ́ rán lọ. Wọ́n kọ́ṣẹ́ dé, a kí wọn káàbọ̀, kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n kẹ́rù wọn lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń bá wa du oníbàárà. Ọ̀rọ̀ náà dun àbúrò mi wọ egungun. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tó wá kan ẹni kẹta tí a fẹ́ rán, ó ní àfi kí òun fi bọ́ǹdì dè é mọ́lẹ̀, kó má bàa lè lọ lẹ́yìn tó bá ti kọ́ṣẹ́ tán.

Ẹni kẹta náà ni Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí ó lè tú ẹ̀rọ palẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń sùn, kó tún un tò, kẹ́ni náà má sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wọlé. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Òun nìkan ni ìyá ẹ̀ bí, ìyá náà sì ń dá gbé nílùú míì tó jìn sí wa, ojú ẹ̀ ti ń ṣú. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ní ìyá. Ta ni ò ní ìyá?

Èmi ni mo kọ ìwé bọ́ǹdì náà. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà mi, mo ní mi ò ní kọ ìkọkúkọ, mi ò ní kọ ìwé tí èèyàn máa kà tí orí á máa fọ́ ọ. Ìlà márùn-ún péré ni. Àkọ́kọ́, owó tí a bá ná lórí ẹ̀kọ́ náà gan-an la lè béèrè, a ó sì fi rìsíìtì ẹ̀ hàn án. Owó oṣù ẹ̀ ò sí níbẹ̀, owó ìtanràn ò sí níbẹ̀. Ìkejì, ọdún méjì ni bọ́ǹdì náà, ọjọ́ tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́ la ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìkẹta, bó bá fúnra ẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, tàbí tí a lé e torí ìwà ìbàjẹ́ ńlá, a ó pín owó náà sí ọ̀nà mẹ́rìnlélógún, oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá ti fi ṣiṣẹ́ á yọ ìdá kan kúrò. Mo tún fi àpẹẹrẹ sí i: bó bá lọ lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀, ìdá mẹ́fà ló kù, ìyẹn ìdámẹ́rin owó náà. Ìkẹrin, kò ní san nǹkan kan bó bá jẹ́ àwa la dá a dúró torí iṣẹ́ ò sí mọ́, tàbí tí àìsàn ò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí tó jẹ́ àwa la da àdéhùn tiwa. Ìkarùn-ún, bí owó bá kù sí i lọ́rùn, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa san án, a ò sì ní gbẹ́sẹ̀ lé owó oṣù ẹ̀ tó kẹ́yìn láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i.

Àbúrò mi kà á, ó gbaná jẹ. Ó ní ṣé òun ni mò ń ṣiṣẹ́ fún àbí àwọn tó máa sá lọ. Ohun tóun fẹ́ ni pé ọjọ́ yòówù kó lọ, ì báà jẹ́ ọ̀la ni ọdún méjì máa pé, kó dá gbogbo owó padà, kó sì fi ìdajì lé e kí ọgbọ́n lè kọ́ ọ. Ọlọ́run yọ wá, lọ́yà wa wà níjókòó. Àgbà ọkùnrin ni, ohùn wọn kì í sókè. Wọ́n ní ohun tí èèyàn bá ná ló lè béèrè. Tó bá ti di ìjìyà, adájọ́ ò ní bá a gbé e. Wọ́n tún ní ẹni tó ti fi ọdún kan àbọ̀ ṣiṣẹ́ fún un ti fi iṣẹ́ yẹn san nínú owó náà, kò tọ́ kó tún un san. Àbúrò mi fapá jánú, ó yíra padà lórí àga, nígbà tó yá ó ní kò burú. Inú mi dùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ló bá ní kí n fi ìlà kẹfà sí i. Ó pè é, mo tẹ̀ ẹ́: bí ilé iṣẹ́ bá tún rán òṣìṣẹ́ náà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn, bó ti wù kó kéré tó, ọdún méjì náà àti gbogbo owó náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Mo ní ṣé orí ẹ pé ṣá. Nínú irú iṣẹ́ tiwa yìí, ọdún wo ni nǹkan tuntun kì í dé tí èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́? Ìyẹn ni pé títí láé lẹni yìí á máa bẹ̀rẹ̀. Lọ́yà náà dá sí i. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ kékeré, kó ní bọ́ǹdì kékeré tiẹ̀, tàbí kó má tiẹ̀ ní rárá, ṣùgbọ́n kéèyàn fi ẹ̀kọ́ kékeré jí gbèsè ńlá dìde, kò dáa, adájọ́ tó bá rí i lè má fojúure wò ó. Àbúrò mi ní, "A ò ní dé kóòtù." Ìyẹn náà sì jẹ́ òótọ́. Ta lẹni tó ń gba owó oṣù tó máa gbé ọ̀gá ẹ̀ lọ sí kóòtù?

Mo tún gbìyànjú nǹkan kan. Mo ní ó kéré tán, jẹ́ ká kọ ọ́ pé bó bá jẹ́ àìsàn òbí tàbí ọmọ ló mú kó lọ, a ó dárí owó náà jì í. Ó ní gbogbo èèyàn ló ní ìyá, pé àwọn méjì tó kọ́kọ́ lọ náà ní ìyá wọn ń ṣàìsàn, ìyá tó ń ṣàìsàn ò sì ní kí wọ́n má wọ bàtà tuntun lọ sí ilé iṣẹ́ kejì. Kò gbà. Òun ló ni ilé iṣẹ́. Mo tẹ ìlà kẹfà náà síbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ariwo tí mò ń pa lórí kọ̀ǹpútà yẹn, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ilé á gbọ́.

Mo ní kí Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ gbé ìwé náà lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, kó fi han ẹni tó bá fẹ́. Nígbà tó padà dé, ó fìka lé ìlà kẹfà, ó ní kí n ṣàlàyé ẹ̀ fóun. Mo sọ ọ́ bó ṣe wà, mi ò bu oyin sí i. Ó tún un kà. Ó ní, "Àǹtí, bó ṣe máa rí nìyẹn?" Mo ní bó ṣe máa rí nìyẹn. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí àbúrò mi jẹ́ fún yín, kẹ́ ẹ má bàa rò pé ìkà ni. Ẹnu ẹ̀ le, inú ẹ̀ rọ̀. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Á búra pé òun ò ní bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ láyé, kí ilẹ̀ tó ṣú, á ti pín ẹran ẹ̀ sí méjì, á wá ọ wá. Dírẹ́bà kan ba ọkọ̀ wa jẹ́ pátápátá, ó pariwo tán, ó tún lọ san owó ọsibítù dírẹ́bà náà. Àwa ará ilé mọ̀ ọ́n. Bó bá ń pariwo, à ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí èmi gan-an ò mọ̀ ni pé bó ṣe ń pariwo lẹ́nu náà ló ṣe ń pariwo nínú ìwé.

Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ lọ, ó kọ́ṣẹ́, ó dé. Kò sá lọ síbì kankan. Ọsibítù tó bá ti pè wá, òun ni wọ́n á ní ká rán wá. Ó ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún méjì náà, ó kù díẹ̀ kó pé, ni àwọn asẹ́ tuntun dé, èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ omi kó tó wọnú ẹ̀rọ. Àwọn tó kó o wá ní kí ẹnìkan wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni, nínú ìlú yìí náà, ibi tí èèyàn ń wọ bọ́ọ̀sì lọ tó sì ń padà sílé jẹun alẹ́. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Àbúrò mi ní kí Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ lọ, ó sì lọ. Kò sẹ́ni tó rántí ìlà kẹfà nínú wa. Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ nìkan ló rántí ẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ìyá ẹ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀kíní. Ojú ti lọ pátápátá nígbà yẹn, ẹsẹ̀ náà ò tún gbé e dáadáa mọ́. Ìyá náà ò fẹ́ kúrò nílé ẹ̀ wá sí ìlú ẹlòmíì, torí inú ilé tiẹ̀ nìkan ló ti mọ ibi tí ògiri wà láìríran. Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ pinnu pé òun máa lọ bá a gbé. Iṣẹ́ wà fún un níbẹ̀, ọsibítù kékeré kan lẹ́bàá ibẹ̀ ń wá ẹni tó mọ ẹ̀rọ. Ó wá lọ bá akáǹtì wa, ó bi í léèrè pé bóun bá lọ báyìí, èló lòun máa san.

Akáǹtì wa jẹ́ ẹni tó jẹ́ pé bó o bá bi í ní aago, aago nìkan ló máa sọ fún ẹ. Ó mú ìwé, ó kà á, ó ní gbogbo ẹ̀ ni, torí ẹ̀kọ́ asẹ́ omi yẹn. Obìnrin náà dúpẹ́, ó jáde. Akáǹtì ò sọ fún mi, kò sọ fún àbúrò mi. Nígbà tí mo bu ẹnu àtẹ́ lù ú nígbẹ̀yìn, ó ní kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó ṣe dúró nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìsinmi ẹ̀ ní ọjọ́ méjì méjì, á lọ wo ìyá, á padà. Ó ń fowó ránṣẹ́ sí obìnrin ilé kejì kó máa bá òun yọjú síbẹ̀. Bí mo bá bi í pé màmá ńkọ́, á ní wọ́n ń gbìyànjú, Àǹtí. Mo rí i pé ó ń rù, mo tiẹ̀ bá a ṣàwàdà pé kó má gbààwẹ̀ fún wa níbi iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí ìyá náà ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, tí kò sì dìde mọ́, ẹ̀rọ kan wà ní títú sílẹ̀ níwájú ọmọ ẹ̀. Obìnrin ilé kejì ló pè é. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ló ròyìn ẹ̀ fún mi. Ó ní ó gbọ́ ìpè náà tán, ó fi fóònù sápò, ó tún ẹ̀rọ náà tò, ó yẹ omi ẹ̀ wò, ó dán agogo ẹ̀ wò, torí ẹnìkan ti ń dúró de ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà ló jáde lọ jókòó sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ nà síwájú, wọn ò sì rí i gbé dìde.

Nígbà tó ti sin ìyá ẹ̀ tó padà dé, èmi àti àbúrò mi lọ kí i. Yàrá kan ló ń gbé. Ó gbé àga kan ṣoṣo tó ní fún àbúrò mi, èmi jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pá ìtilẹ̀ tuntun kan fara ti ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ní ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára ẹ̀. Mo rí i, mo gbójú kúrò. Ibẹ̀ la ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ fún yín yìí, pé ó ti fẹ́ lọ, pé ó béèrè, pé wọ́n ní gbogbo owó náà ni. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ráhùn. A bi í ni, ó dáhùn.

Àbúrò mi dìde lórí àga.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" ó ní. "Ǹ bá ní kí o máa lọ. Kọ́bọ̀ kan, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ. Ìlà yẹn, mo kàn fi dẹ́rù ba èèyàn ni."

Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ wò ó. Kò bínú. Ì bá bínú, ara ì bá tù wá.

"Ìwé lẹ fún mi, sà," ó ní. "Ìwé náà ni mo kà."

 A jókòó díẹ̀ sí i, a kí i, a jáde. Àbúrò mi wa ọkọ̀ kọjá àdúgbò wa, kò mọ̀, mi ò sì sọ fún un. Nígbà tó yá ó ní òun rò pé gbogbo èèyàn ló mọ irú ẹni tóun jẹ́. Mo ní, "Àwa la mọ̀ ẹ́. Àwa la jọ sun orí ẹní kan. Ẹni tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹ, ibo ló ti fẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ ò rí bó ṣe kọ ọ́?" Ẹnu mi mú un jù, mo mọ̀. Ó páàkì sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó gbórí lé ọwọ́ ọkọ̀, ó sunkún. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú péjọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Mo fọwọ́ lé e lẹ́yìn, torí àbúrò mi ni.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́. Ó ti pe lọ́yà. A tún ìwé náà kọ, lọ́tẹ̀ yìí òun gan-an ló di ẹni tó ń yọni lẹ́nu lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Á kà á sókè, á ní, "Bí mi ò bá mọ ara mi rí, kí ni ìlà yìí máa sọ fún mi?" Àwọn ìlà márùn-ún ti àkọ́kọ́ dúró. A yọ ìkẹfà kúrò, a fi òmíràn sípò ẹ̀: ẹ̀kọ́ kékeré ò ní bọ́ǹdì, ẹ̀kọ́ ńlá mìíràn á ní ìwé tiẹ̀ àti ọjọ́ tiẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan ti àtẹ̀yìnwá. A kọ ìkeje: ẹni tó bá ní láti lọ tọ́jú òbí, ọkọ, aya tàbí ọmọ tó ń ṣàìsàn, kó mú ìwé dókítà wá, kò jẹ wá ní nǹkan kan. Lọ́yà ní ṣé ó dá a lójú, torí ẹlòmíì lè fi ìyẹn rẹ́ wa jẹ. Àbúrò mi ní kí wọ́n rẹ́ òun jẹ. Lọ́yà wá ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun yòówù tó bá ní lọ́kàn pé òun á ṣe fún òṣìṣẹ́, kó kọ ọ́ síbẹ̀, torí ohun tí kò bá sí nínú ìwé, ẹni tó ń ka ìwé ò lè rí i. Àbúrò mi dorí kodò bí ọmọ ilé ìwé.

Ìwé náà dáa. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ilé iṣẹ́ tó ní irú ẹ̀ lágbègbè wa. Bí mo bá sì ń kà á báyìí, inú mi kì í dùn.

Ní ọjọ́ tí Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, àbúrò mi pè é sí ọ́fíìsì. Ó gbé ìwé tuntun náà fún un kó kà á, ó ní òun fẹ́ kó sọ bóyá ó yé èèyàn. Obìnrin náà kà á láti òkè délẹ̀, ó fìka tẹ̀lé e. Nígbà tó dé ìlà keje, ìka ẹ̀ dúró. Ó pẹ́ kó tó kúrò níbẹ̀. Ó ní ó yé òun, pé kò sí ibi tó ṣókùnkùn.

Àbúrò mi wá mú ìwé bọ́ǹdì obìnrin náà, èyí tó fọwọ́ sí lọ́jọ́sí, ó fà á ya níṣojú ẹ̀. Ó ní, "Ó ti tán. O ò jẹ mí ní nǹkan kan. Ọjọ́ tó bá wù ẹ́, máa lọ."

Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ wo ìwé tó ya náà lórí tábìlì.

"Ẹ ṣé, sà," ó ní. "Ibo ni kí n lọ?"

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìwé tó ya náà jọ. Mo wo ojú fèrèsé. Fóònù obìnrin náà dún nínú àpò ẹ̀. Ọsibítù kan ni, ẹ̀rọ wọn ń ké, wọn ò mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ní òun ń bọ̀. Ó gbé àpò irinṣẹ́ ẹ̀ kọ́ èjìká, ó kí wa pé ó dàárọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ni, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara ẹ̀.